Nótíìsì oṣù kan tí onílé fún ẹ yẹn, ṣé ó dúró? Ilé onígbèdéke àti ilé tó ń yí

Ìbéèrè kan wà tó máa ń jáde ṣáá níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ilé yíyá: "Lánlọ́ọ̀dù mi fún mi ní nótíìsì oṣù kan, ṣé dandan ni kí n kó jáde?" Kíá báyìí làwọn èèyàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ẹnì kan á ní oṣù mẹ́ta ni, ẹlòmíì á ní oṣù mẹ́fà ni òfin sọ, ẹnì kẹta á ní kó má tiẹ̀ dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó bi í ní ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi í nínú wọn, ìyẹn ni pé irú àdéhùn wo lòun àti onílé jọ ní báyìí? Báyìí ni mo wí o, kì í ṣe lọ́jọ́ tó kó wọlé, torí àdéhùn tí èèyàn fi wọlé lè ti kú kí òmíì sì ti gbapò ẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni mú bírò.

Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀ jù. Èkíní ni ilé onígbèdéke, èyí táwọn lọ́yà ń pè ní fíksìdì tàmù. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ wà nínú ìwé, ọjọ́ tó máa parí náà wà níbẹ̀, bíi kí wọ́n kọ ọ́ pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún yìí sí ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀. Èkejì ni ilé tó ń yí, èyí tí wọ́n ń pè ní píríódíìkì. Sáà kéékèèké ni wọ́n fi ń ka tiẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó lè jẹ́ oṣù kan, ó lè jẹ́ ọdún kan, tí sáà kan bá ti parí òmíì á bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀, bíi dátà orí fóònù tó ń tún ara ẹ̀ rà, títí dọjọ́ tẹ́nì kan máa sọ pé ó tó.

Àwọn ìlànà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, inú kọ́mọ̀n lọ́ọ̀ ni wọ́n ti wá, ìyẹn òfin táwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìdájọ́ gbé kalẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, tó sì wà nídìí òfin ilé ní orílẹ̀-èdè tó pọ̀. Ìjọba ibi téèyàn ń gbé lè ti fi òfin tiwọn bo apá kan mọ́lẹ̀, màá débẹ̀ tó bá yá, àmọ́ tí ìpìlẹ̀ ò bá yé èèyàn, òfin tuntun ọ̀hún gan-an ò ní yé e.

Ẹ jẹ́ ká mú onígbèdéke ná. Tọ́jọ́ ẹ̀ bá ti pé, ó parí nìyẹn. Kò sí nótíìsì tí ẹnikẹ́ni ní láti fún ẹnikẹ́ni lábẹ́ kọ́mọ̀n lọ́ọ̀, torí pé àtọjọ́ tẹ́ ẹ ti fọwọ́ síwèé lẹ ti fún ara yín ní nótíìsì. Ó máa ń ya àwọn ayálégbé lẹ́nu tí wọ́n bá gbọ́ èyí, wọ́n á ní "ṣebí kò kọ lẹ́tà kankan sí mi?" Kò nílò ẹ̀, ọjọ́ tó wà nínú àgírímẹ́ǹtì ti sọ̀rọ̀. Àmọ́ ohun kan náà yìí ló tún gbè sẹ́yìn ayálégbé lápá kejì, torí pé kí ọjọ́ yẹn tó pé, onílé ò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fún ẹ ní nótíìsì oṣù kan tàbí oṣù mẹ́fà kó o jáde. Nótíìsì tó bá fún ẹ láàárín sáà onígbèdéke tí kò sí gbólóhùn tó fàyè gbà á nínú ìwé, bébà lásán ni.

Ìwọ náà ò sì lè jáde o! Ibí yìí ló ti máa ń dun èèyàn. Ẹni tó gba ilé ọdún kan, tó wá ríṣẹ́ síbòmíì lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, tó kọ lẹ́tà pé "mo fún yín ní nótíìsì oṣù kan", tó kó ẹrù, tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, gbèsè owó ilé oṣù mẹ́rin tó kù ṣì lè wà lọ́rùn ẹ̀. Láwọn ibì kan òfin sọ pé kí onílé gbìyànjú láti wá ẹlòmíì sínú ilé náà kó má baà jókòó máa ka owó, níbòmíì kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó dáa jù láti jáde ṣáájú ọjọ́ ni pé kí ẹ̀yin méjèèjì fẹnu kò pé ẹ ti tú àdéhùn náà ká, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí onílé gba kọ́kọ́rọ́. Tí ayálégbé bá da àdéhùn, bí àpẹẹrẹ tí kò sanwó, onílé lè gba ọ̀nà yẹn lọ sí kóòtù, àmọ́ ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.

Ó tún ku ọ̀nà kan, ìyẹn ni kí gbólóhùn ìjáde wà nínú àgírímẹ́ǹtì látìbẹ̀rẹ̀, bíi pé "ayálégbé lè jáde lọ́jọ́ tó bá pé ọdún kẹta tó bá ti fún onílé ní nótíìsì oṣù mẹ́fà." Tírú ẹ̀ bá wà nínú tiyín, bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é, ọjọ́ tó ní kẹ́ ẹ kọ, ibi tó ní kẹ́ ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí, gbogbo ẹ̀. Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Mannai, tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1997. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1992 ni àdéhùn bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn ìjáde sì jẹ́ kí ayálégbé lè kúrò lọ́jọ́ tó bá pé ọdún kẹta, ìyẹn ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1995. Ayálégbé wá kọ nótíìsì, ó fi ọjọ́ 12 síbẹ̀. Ọjọ́ kan péré! Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé nótíìsì ò dúró. Nígbà tó dé òkè pátápátá, adájọ́ mẹ́ta gbè sẹ́yìn ayálégbé, méjì ò gbà. Àwọn mẹ́ta yẹn ní ẹnikẹ́ni tó bá lóye tó gba lẹ́tà yẹn á mọ̀ pé ọjọ́ tó wà nínú àdéhùn ló ní lọ́kàn. Ayálégbé jàre lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo ibi tí ọjọ́ kan gbé e dé.

Ó ti tó nípa onígbèdéke, torí ibi tí ìdàrúdàpọ̀ wà gan-an ni ọjọ́ kejì tí gbèdéke parí.

Ẹ jẹ́ ká fi ayálégbé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó gba ilé ọdún kan, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta sí ọjọ́ 28 oṣù kejì. Nínú ìwé, iye kan lóṣù ni wọ́n pe owó ilé, ọjọ́ 1 oṣooṣù ló sì ń san án. Ọjọ́ 28 oṣù kejì dé, ó kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Onílé ò sọ nǹkan kan, ayálégbé náà ò sọ nǹkan kan, ó sanwó oṣù kẹta, onílé gbà á, ó já rísíìtì fún un. Ti oṣù kẹrin, bẹ́ẹ̀ náà. Ti oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, bẹ́ẹ̀ náà. Wàyí o, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, onílé kọ lẹ́tà pé "àdéhùn wa ti parí látọjọ́ pípẹ́, mò ń fún ẹ di ọjọ́ 10 oṣù keje kó o fi jáde."

Àdéhùn ọdún kan yẹn ti parí lóòótọ́, onílé ò parọ́. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ 1 oṣù kẹta ló ti sọ pé òun fẹ́ gba ilé òun, tí kò sì gba kọ́bọ̀, ẹni tó kàn jókòó sílé onílé lẹ́yìn tí àyè ẹ̀ ti tán ni ayálégbé ì bá jẹ́, kò sì ní nótíìsì ìjáde tí òun lè béèrè lábẹ́ kọ́mọ̀n lọ́ọ̀. Àmọ́ onílé gba owó. Ó gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbà á, ó tún gbà á. Tí èèyàn bá ń gba owó ilé lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́yìn tí gbèdéke ti kọjá, tí kò sí àlàyé míì fún owó ọ̀hún, ilé ẹjọ́ á gbà pé àwọn méjèèjì ti wọnú àdéhùn tuntun, èyí tó ń yí. Ìṣe wọn ló dá a sílẹ̀, kò sídìí fún ìwé.

Sáà wo ló wá ń yí? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí pé ọdún kan ni ti àkọ́kọ́, ọdún kan náà ni tuntun máa jẹ́. Rárá. Bí wọ́n ṣe ka owó ilé ni wọ́n máa wò, kì í ṣe bí àdéhùn àkọ́kọ́ ṣe gùn tó. Ẹjọ́ tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni Adler àti Blackman, tó wà nínú ìwé ìdájọ́ ọdún 1953: ilé ọdún kan ni, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì pe owó ẹ̀, nígbà tí ayálégbé dúró kọjá gbèdéke, ilé ẹjọ́ ní ilé ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló di. Ẹ kíyè sí i pé bí wọ́n ṣe pe owó ni mo sọ, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń san án. Tí ìwé bá sọ pé "owó ilé ọdún kan jẹ́ báyìí, a ó máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù", iye ọdún kan ni wọ́n pè, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọlọ́dọọdún ló máa dà. Ti ayálégbé tiwa yìí, iye oṣù kan ni wọ́n pè, ilé olóṣooṣù ló wà nínú ẹ̀ báyìí.

Ó yẹ kí n fi kún un pé gbígba owó nìkan kì í fìgbà gbogbo dá ilé tó ń yí sílẹ̀. Nínú ẹjọ́ Javad àti Aqil, tó wà nínú ìwé ìdájọ́ ọdún 1991, ẹnì kan ti wọ ibi tó fẹ́ yá, ó ti ń san owó oṣù mẹ́ta mẹ́ta, àmọ́ gbogbo ìgbà yẹn ni wọ́n ṣì ń dúnàádúrà lórí àdéhùn ọ̀hún, kò sì bọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ ní wọn ò tíì gbà láti dá ilé tó ń yí sílẹ̀ láàárín ara wọn, ìgbà yówù tó bá wu onílé ló lè ní kó jáde. Torí náà, ohun táwọn méjèèjì ní lọ́kàn ni wọ́n ń wá, owó sì jẹ́ ẹ̀rí kan lára ẹ̀, ẹ̀rí tó lágbára ni tí kò bá sí nǹkan míì. Ìdí nìyẹn tí onílé tó gbọ́n fi máa ń kọ ọ́ sórí rísíìtì pé owó lílo ilé lásán lòun gbà, pé kì í ṣe owó ilé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí lẹ́tà ọjọ́ 10 oṣù kẹfà. Ilé tó ń yí kì í parí fúnra ẹ̀ láéláé, nótíìsì ló ń pa á. Bí nótíìsì ṣe máa gùn tó lábẹ́ kọ́mọ̀n lọ́ọ̀, tẹ́ ò bá fúnra yín kọ nǹkan míì sínú ìwé, ni pé ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ kan, olóṣooṣù gba oṣù kan, olóṣù mẹ́ta mẹ́ta gba oṣù mẹ́ta. Ọlọ́dọọdún nìkan ló yàtọ̀, ìdajì ọdún ni tiẹ̀. Onílé tiwa fi oṣù kan sílẹ̀, láti ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 10, ẹ̀yin náà á ní ó kúkú pé. Ó pé ní gígùn lóòótọ́, àmọ́ ibi tó parí sí ò dáa. Nótíìsì ilé tó ń yí gbọ́dọ̀ parí níbi tí sáà kan ti parí, kò gbọ́dọ̀ já sáà sí méjì. Ọjọ́ 1 ni sáà tiwọn ń bẹ̀rẹ̀, òpin oṣù ló ń parí. Ọjọ́ 10 oṣù keje, àárín sáà nìyẹn.

Kí ló wá yẹ kó kọ? Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹfà, sáà oṣù kẹfà ti bẹ̀rẹ̀, kò lè lò ó, torí pé ogún ọjọ́ péré ló kù níbẹ̀. Odindi oṣù keje ló máa jẹ́ oṣù kan tó fún ayálégbé, nótíìsì á sì parí lọ́jọ́ 31 oṣù keje. Láti ọjọ́ 2 títí dé ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ọjọ́ yòówù kó fún un ní lẹ́tà, ibì kan náà ló máa parí sí. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọjọ́ 3 oṣù keje ló tó mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ ò dáa, tó wá kọ òmíì, ó ti di ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ nìyẹn. Ayálégbé tó bá mọ èyí kò ní jà rárá, ó máa dákẹ́ ni, ó máa san owó ẹ̀, tí wọ́n bá gbé e dé kóòtù ló máa wá fi lẹ́tà han adájọ́. Mi ò sọ pé ó dáa tàbí kò dáa o, bó ṣe ń lọ nìyẹn, àwọn onílé náà sì máa ń rí i lára ayálégbé tó bá jáde láìka ọjọ́ dáadáa, tí wọ́n á ní kó san oṣù kan sí i.

Lórí ọjọ́ tó kẹ́yìn gan-an, ilé ẹjọ́ fàyè gbà wá díẹ̀. Nínú ẹjọ́ kan lọ́dún 1895, ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ni ilé ọlọ́dọọdún kan bẹ̀rẹ̀, nótíìsì sì ní kí wọ́n jáde lọ́jọ́ 19 oṣù karùn-ún. Àríyànjiyàn wá ni pé ṣebí ọjọ́ 18 ló yẹ kó jẹ́, torí ọjọ́ 18 ni ọdún pé. Ilé ẹjọ́ ní èyíkéyìí nínú méjèèjì dúró, ọjọ́ tí sáà parí tàbí ọjọ́ kejì ẹ̀ tó ṣe déédéé ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn lọ́yà ò sì gbẹ́kẹ̀ lé oríire, wọ́n máa ń fi gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá kọ pé "tàbí ọjọ́ tí sáà rẹ máa parí lẹ́yìn tí oṣù kan bá ti pé látìgbà tó o gba lẹ́tà yìí." Tọ́jọ́ tí wọ́n kọ bá ṣìnà, gbólóhùn yẹn á gbà á là. Ẹ̀yin ayálégbé náà lè fi sínú tiyín, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é.

Ti ọlọ́dọọdún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ilẹ̀kùn máa ń ṣí lọ́dún. Ká ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ni ọdún ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù kejì ló ń parí, nótíìsì ìdajì ọdún tó máa parí lọ́jọ́ yẹn gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín kí oṣù kẹjọ tó parí, ẹ kúkú fún un kí ìdajì oṣù kẹjọ tó kọjá, kẹ́ ẹ má baà máa ka ọjọ́ kan ọjọ́ méjì mọ́ra yín lọ́wọ́. Tó bá kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Gbólóhùn kan tún wà tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn, pé "ọdún kan, lẹ́yìn náà láti ọdún dé ọdún." Ẹni tó bá kà á á rò pé òun lè jáde lópin ọdún kìíní, àmọ́ bí ilé ẹjọ́ ṣe túmọ̀ ẹ̀ ni pé ọdún kan onígbèdéke ni, ọdún kejì tó ń yí sì ti lẹ̀ mọ́ ọn, torí náà ọdún méjì ló kéré jù.

Òfin ìjọba wá dé sórí gbogbo èyí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan lọ́dún 1977 sọ pé nótíìsì ìjáde lórí ilé gbígbé kò gbọ́dọ̀ dín lọ́sẹ̀ mẹ́rin kódà kó jẹ́ ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Lábẹ́ òfin ọdún 1988 bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe é, tí gbèdéke bá parí, ilé tó ń yí máa ń bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀, bóyá onílé gbowó ni o, bóyá kò gbà. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, ilé tó ń yí ló wọ́pọ̀, onílé sì gbọ́dọ̀ ní ìdí tófin gbà kó tó lè fi gbèdéke sí ilé gbígbé. Bí oṣù mẹ́ta ni ayálégbé fi ń fúnni ní nótíìsì níbẹ̀, lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ iṣẹ́ kẹta nínú oṣù, kí oṣù yẹn tó lè bá wọn kà, nótíìsì tí onílé máa fúnni sì ń gùn sí i, ó ń di oṣù mẹ́fà tí ayálégbé bá ti pé ọdún márùn-ún níbẹ̀, ó ń di oṣù mẹ́sàn-án tó bá ti pé ọdún mẹ́jọ. Ẹ rí i pé ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń dáhùn, iye ọjọ́ ló yàtọ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo òfin ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ wo ohun mẹ́ta yìí: ṣé gbèdéke nìkan tó láti parí ilé níbẹ̀ tàbí wọ́n ṣì ń béèrè lẹ́tà, báwo ni nótíìsì ilé tó ń yí ṣe gùn tó níbẹ̀, ṣé onílé sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí.

Ohun kan ṣì kù táwọn tó ń gbélé pọ̀ kì í mọ̀, tọkọtaya tàbí ọ̀rẹ́ méjì tórúkọ àwọn méjèèjì wà nínú ìwé. Lọ́dún 1991 ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ Monk. Obìnrin kan àti ọkùnrin kan jọ ń gbé ilé ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kan tí ìjọba ìbílẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni nótíìsì ẹ̀. Wọ́n jà, obìnrin kó jáde, ó sì fún onílé ní nótíìsì láìsọ fún ọkùnrin. Ọkùnrin ní òun ò fọwọ́ sí i, ilé òun náà ni. Ilé ẹjọ́ ní ilé tó ń yí kì í lọ sí sáà tuntun àyàfi tí gbogbo àwọn tó ni ín bá fẹ́ kó lọ, ẹni kan ṣoṣo tó bá ní òun ò ṣe mọ́ ti pa á fún gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ onígbèdéke ni, tí wọ́n fẹ́ lo gbólóhùn ìjáde, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa, torí ẹni tó jọ gbélé ọdún kan pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹ̀, tí wọ́n jẹ́ kí gbèdéke kọjá tí wọ́n ń bá a lọ lóṣooṣù, ti kúrò níbi tí ọ̀rẹ́ ò ti lè yọ ilé lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó ti bọ́ síbi tí lẹ́tà ojú ewé kan láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ ọ̀hún ti lè ṣe é.

Tí nótíìsì bá sì dúró dáadáa, tọ́jọ́ ẹ̀ pé, tí ayálégbé ò jáde ńkọ́? Níbi tó pọ̀, onílé ò láṣẹ láti yí kọ́kọ́rọ́ tàbí kó ẹrù síta, kóòtù ló máa lọ. Láàárín ìgbà yẹn, owó tó bá ń gbà ni kó ṣọ́ra fún, torí tó bá tún ń já rísíìtì owó ilé bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, lọ́yà ayálégbé á sọ fún adájọ́ pé wọ́n ti dá ilé tó ń yí míì sílẹ̀, pé kó lọ kọ nótíìsì tuntun.